Mo fẹ́ gba olóòtú fídíò fún ìgbà àkọ́kọ́: orí kí ni kí n gbé owó lé, kí sì ni kí n sọ fún un?

OníKẹ̀kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkànnì títún kẹ̀kẹ́ ṣe ni mo ní lórí YouTube. Ó ti lé lọ́dún 2 tí mo ti ń ya fídíò tí mo sì ń gé e fúnra mi, ọ̀kan lọ́sẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ gba olóòtú, bí owó bá sì tó, kí n gba ẹni tí yóò máa ṣe àwòrán ojú fídíò náà, ìyẹn àwòrán tí èèyàn ń rí kó tó tẹ fídíò. Níbo ni mo ti lè rí wọn? Báwo ni mo ṣe máa mọ iye tó yẹ kí n san? Kí ni mo máa sọ fún wọn kí iṣẹ́ mi má baà bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn?

---

SáréGé

Ìyẹn ò le rárá. Lọ sí Fiverr tàbí Upwork, wá ẹni tí ìràwọ̀ rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fẹnu kò sí iye kan fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fídíò tó bá ti parí. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 14, o sọ iye yẹn di ìlọ́po 14, ó tán. Bí mo ṣe ń ṣe é láti bí oṣù 8 nìyẹn, èmi àti olóòtú mi ò jà rí. Mo kàn ń jókòó síwájú kámẹ́rà, mo ń sọ̀rọ̀, mo ń fi ránṣẹ́ sí i.

---

ÌyáOlóòtú

SáréGé, ohun tó bá ìwọ mu lo fẹ́ wọ̀ fún ẹlòmíì yìí. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń gé fídíò fún oníbàárà. Gígùn fídíò tó ti parí kọ́ ló ń jẹ olóòtú lákòókò. Fídíò tútù, ìyẹn èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì gé, tí wọ́n dà lé e lórí ló ń jẹ ẹ́, àti bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe dàrú tó.

OníKẹ̀kẹ́, àbúrò mi, ìṣẹ́jú mélòó lo máa ń yà kí o tó rí 14 yẹn yọ nínú rẹ̀?

---

OníKẹ̀kẹ́

Nǹkan bí 110, mà, tí mo bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Fóònù 2 ni mo ń lò. Ọ̀kan ń wo ojú mi, èkejì ń wo ọwọ́ mi.

---

ÌyáOlóòtú

Ó dáa. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ yẹn fún èmi, bí mo ṣe máa kà á rèé. Wákàtí 2 ni màá fi wo gbogbo rẹ̀, tí màá sì to fóònù méjèèjì jọ kí ohùn wọn bára mu. Wákàtí 5 ni màá fi gé e dé ibi tí iṣẹ́ náà ti tò tẹ̀lé ara wọn tó sì yé èèyàn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa hàn lójú fídíò, àwọn ọfà, àti àwọn ibi tí a ti máa sún mọ́ ìdè kékeré tí ojú ò tètè rí, wákàtí 3. Ohùn àti àwọ̀, wákàtí 2. Àtúnṣe lẹ́yìn tí ìwọ bá ti wò ó, wákàtí 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 14.

Ẹ wá wo ti SáréGé. Kámẹ́rà 1, ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀, ká ní ìṣẹ́jú 25 ló yà kó tó rí 14. Wákàtí 6 ni màá fi parí ìyẹn. Fídíò méjèèjì gùn bákan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú ọ̀kan ju ìlọ́po méjì èkejì lọ. Bí o bá san owó ìṣẹ́jú fún olóòtú tó ń gé ti kẹ̀kẹ́, kò ní sọ fún ọ pé owó náà kéré. Ó máa gbà á, torí ó ń wá iṣẹ́. Nígbà tó bá di fídíò kẹta tàbí ìkẹrin, kò ní wo fídíò tútù náà tán mọ́.

Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ni yóò máa wọ inú fídíò, kì í ṣe èyí tó dáa jù. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kẹta ló já gaara, tí o wá rí i pé ẹ̀ẹ̀kíní ló ń lò nígbà gbogbo, kò dé ẹ̀ẹ̀kẹta rí nìyẹn.

Nítorí náà, bi olóòtú léèrè iye tó ń gbà fún wákàtí kan, kó sì sọ iye wákàtí tó rò pé iṣẹ́ náà máa gbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ọ́ di iye kan ṣoṣo fún fídíò 1, kí ẹ sì kọ òpin rẹ̀ sílẹ̀: fídíò tútù kò ní ju ìṣẹ́jú 110 lọ, bó bá jù bẹ́ẹ̀, owó máa gorí owó. Mi ò fara mọ́ kí o máa san owó wákàtí ní tààràtà fún ẹni tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ìwọ ò ní mọ iye tó máa já sí, ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ yá á sì máa pàdánù nítorí pé ọwọ́ ẹ̀ yá.

Ohun kan sì wà tó lè dín wákàtí 14 yẹn kù láìná kọ́bọ̀. Nígbà tí o bá ń yà, tí o bá sọ ohun kan tó wù ọ́, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá kí o tó tẹ̀ síwájú. Lórí kọ̀ǹpútà olóòtú, ìlà ohùn máa yọ ṣóńṣó méjì sókè níbẹ̀, ó máa rí i látòkèèrè kó tó gbọ́ ọ rárá. Bí o bá ṣàṣìṣe, má pàtẹ́wọ́. Oníbàárà mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀, wákàtí 5 tí mo fi ń gé tirẹ̀ di 3.

---

Kọ́ỌFúnraẸ

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Èmi ò rí ìdí tí èèyàn fi ń sanwó. DaVinci Resolve wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lágbára. Mo kọ́ ọ láàárín oṣù méjì. Bó o bá fẹ́, mo lè sọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀.

---

OníKẹ̀kẹ́

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n gé. Òun gan-an ni mo ń lò. Àsìkò ni mi ò ní.

---

ẸniTóTiKàgbákò

Ẹ tẹ́tí sí mi o, torí pé ojú mi rí nǹkan. Olóòtú àkọ́kọ́ tí mo gbà, ọmọlúwàbí ni lójú. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo fídíò tútù mi wà, torí mo máa ń pa tèmi rẹ́ kí fóònù mi lè láàyè. Mo tún fún un ní páàsìwọ́ọ̀dù mi kó lè máa gbé fídíò sókè. Nígbà tí aáwọ̀ owó dé láàárín wa, ó dákẹ́. Fídíò mẹ́rin ló bá a lọ. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí n tó gba ìkànnì mi padà.

Bí a bá ń sọ ti owó, ẹ jẹ́ kí a sọ ti kọ́kọ́rọ́ ilé pẹ̀lú.

---

ÌyáOlóòtú

Ó mà ṣe o. Òótọ́ lo sọ, kò sì yẹ kí ìyẹn tún ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Kò sídìí láti fún olóòtú ní páàsìwọ́ọ̀dù. Nínú YouTube Studio, lọ sí Settings, lẹ́yìn náà Permissions, kí o fi ímeèlì rẹ̀ pè é wọlé, kí o fún un ní ipò Editor. Ó máa lè gbé fídíò sókè, ó máa lè tún àkọlé ṣe, ṣùgbọ́n kò lè lé ìwọ kúrò nínú ìkànnì rẹ, kò sì lè pe ẹlòmíì wọlé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pínyà, o yọ orúkọ rẹ̀, ó parí.

Fídíò tútù, dísìkì tìẹ ni kó wà, ẹ̀dà ni kí o fi ránṣẹ́ sí i. Fáìlì iṣẹ́ ńkọ́, ìyẹn èyí tí gbogbo gígé wà nínú rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Olóòtú mìíràn kì í fẹ́ fún èèyàn, torí pé àwọn ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún ọdún púpọ̀ lè wà nínú ẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Èmi máa ń fún èèyàn, ṣùgbọ́n mo ń gba owó díẹ̀ lé e. Ohun tí kò dáa ni kí ó di ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìjà.

---

OníKẹ̀kẹ́

Mo ti kọ ìyẹn sílẹ̀, mà. Ibo wá ni mo ti máa rí ẹni náà? Mo wo Upwork lánàá, èèyàn 60 ló dáhùn láàárín wákàtí díẹ̀. Gbogbo wọn ní fídíò àpẹẹrẹ tó ń dán gbinrin.

---

ÌyáOlóòtú

Fídíò àpẹẹrẹ tó ń dán yẹn ló ń ṣi oníbàárà lọ́nà jù. Ìṣẹ́jú kan péré, orin líle, àwòrán ń sáré. Ó fi hàn pé ó mọ ohun tí bọ́tìnnì ń ṣe. Kò fi hàn pé ó lè fi ìṣẹ́jú 14 ṣàlàyé bí a ṣe ń yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ìyẹn pẹ́dàlì tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ibi tí mo máa kọ́kọ́ wá ni abẹ́ fídíò àwọn ìkànnì tó tó tìẹ tàbí tó fi díẹ̀ jù ọ́ lọ, tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ orúkọ olóòtú wọn síbẹ̀. Má lọ sọ́dọ̀ ìkànnì ńlá, olóòtú wọn ò ní àyè. Èkejì, sọ fún àwọn tó ń wo fídíò rẹ pé ò ń wá èèyàn. Ẹni tó ti ń wò ọ́ tipẹ́ ti mọ ohùn rẹ, ó mọ ohun tí o kì í ṣe. Ẹ̀kẹta ni YT Jobs, torí iṣẹ́ YouTube nìkan ló wà níbẹ̀, o sì lè rí àwọn ìkànnì tí èèyàn ti ṣiṣẹ́ fún. Upwork àti Fiverr ò burú, iṣẹ́ ṣíṣà ibẹ̀ ló pọ̀.

Ibi yòówù kí o ti rí wọn, mú mẹ́ta, kí o fún wọn ní iṣẹ́ kan náà, kí o sì sanwó rẹ̀.

---

SáréGé

Sanwó ìdánwò? Èmi ò san rí. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ máa ṣe ìdánwò lọ́fẹ̀ẹ́.

---

ÌyáOlóòtú

Àwọn tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni yóò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí o ń wá gan-an á kọjá lọ. Mo ti kọ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Kó má sì tóbi. Ìṣẹ́jú 8 fídíò tútù, kó di ìṣẹ́jú 1 àbọ̀. Àbúrò, ǹjẹ́ o ní ibì kan nínú fídíò tútù rẹ tí o ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí o wá tún un sọ lẹ́yìn?

---

OníKẹ̀kẹ́

Ó pọ̀! Ọ̀kan wà níbi tí mo ti ń yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ti apá ọ̀tún, èèyàn á yí i lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, á tú. Ti apá òsì, òdìkejì ni: bí ọwọ́ aago ṣe ń yí gẹ́lẹ́ ló ṣe ń tú. Nínú fídíò náà, mo kọ́kọ́ sọ pé ọ̀nà kan náà ni méjèèjì gbà ń tú, mo wá rántí, mo tún un sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀lé èyí tí mo ṣì sọ yẹn, ṣe ló máa túbọ̀ fún un le, ó sì lè ba ẹnu ìdè náà jẹ́.

---

ÌyáOlóòtú

Fi ibẹ̀ ṣe ìdánwò. Má sọ fún wọn pé àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Olóòtú tó ń fi etí gé á rí i. Ẹni tó ń fi ojú nìkan gé á fi àṣìṣe náà síbẹ̀, torí ó dára lójú.

---

OníKẹ̀kẹ́

Màá ṣe é. Ohun tí mo kọ láti fi ránṣẹ́ sí wọn rèé, ẹ bá mi wò ó: “Mo fẹ́ kó yá, kó dùn, kó má sú èèyàn, kó dà bíi ti àwọn ìkànnì ńlá. Ẹ lo òye yín.”

---

ÌyáOlóòtú

Bí wọ́n bá fi ìyẹn ránṣẹ́ sí èmi, ohun tó wu èmi ni màá ṣe, ìwọ á sì ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́fà. “Kó yá” tìẹ lè jẹ́ kí a yọ ibi tí o ti ń wá irinṣẹ́. “Kó yá” tèmi lè jẹ́ kí àwòrán máa yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ìjà àtúnṣe ti ń wá.

Kọ ọ́ báyìí, kó má ju ojú ìwé kan lọ:

“Ẹni tó ń wò ó ń tún kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí, fóònù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè tẹ̀lé e láìdá fídíò dúró. Ẹ má gé àárín ibi tí ọwọ́ mi bá ti ń yí ìdè, kódà bó bá pẹ́. Ẹ yọ ibi tí mo ti ń wá irinṣẹ́ àti ibi tí mo bá ti tún ọ̀rọ̀ sọ. Ohùn mi gbọ́dọ̀ borí orin, bí irinṣẹ́ bá ń ró, kí orin dákẹ́. Kí orúkọ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn nígbà àkọ́kọ́ tí mo bá mú un. Ẹ wo fídíò mi yìí láti 3:20 sí 4:05, bí mo ṣe fẹ́ kí ìrìn rẹ̀ rí nìyẹn. Ẹ fi 1920 × 1080 ránṣẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ò bá yé yín, ẹ bi mí kí ẹ tó gé e.”

O rí i pé mo lo fídíò tìrẹ fún àpẹẹrẹ, mo sì kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Bí o bá fi gbogbo ìkànnì kan ránṣẹ́ sí olóòtú pé “kó rí báyìí”, kò ní mọ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ lo fẹ́ràn ni, orin rẹ̀ ni, tàbí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Àtúnṣe wá ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì wà nínú owó. Wò ó tán, kọ gbogbo ohun tí o rí pẹ̀lú ìṣẹ́jú rẹ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí o tó fi ránṣẹ́. Má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, òmíràn lóru. Bó bá jẹ́ pé olóòtú ṣi ohun tó wà nínú ìwé rẹ ṣe, àtúnṣe ìyẹn kò sí nínú 2 yẹn. Bó bá jẹ́ ìwọ lo yí èrò padà, ó wà níbẹ̀.

---

SáréGé

Mo gba ti ìwé yẹn, ó dáa ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n àtúnṣe 2 fún fídíò àkọ́kọ́ kéré. Ẹni tuntun ò tíì mọ ìwà ara wọn.

---

ÌyáOlóòtú

Bóyá. Fún fídíò àkọ́kọ́ nìkan, mo lè gba 3. Mi ò ní gbà kó má lópin.

---

AláwòránOjú

Mo rí i pé ẹ ti gbàgbé apá tèmi. Àwòrán ojú fídíò ni mò ń ṣe. OníKẹ̀kẹ́, ẹ má kó iṣẹ́ yìí lé olóòtú lórí pé kó “bá mi fi kún un”. Olóòtú máa mú àwòrán kan jáde nínú fídíò, á kọ ọ̀rọ̀ sí i lára. Àwòrán tó bá ti inú fídíò jáde sábà máa ń gbò, ọwọ́ yín sì ti dí ibi tó yẹ kí èèyàn rí. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 5 lẹ́yìn tí ẹ bá yà tán, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán 10 fún èmi nìkan: ibi tó bàjẹ́ ní ìsúnmọ́, ojú yín lọ́tọ̀, irinṣẹ́ lọ́tọ̀.

Kí ẹ sì fún mi ní gbólóhùn kan, kì í ṣe àkọlé. Àkọlé máa sọ pé “bí a ṣe ń yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́”. Gbólóhùn tí mo fẹ́ ni: “Ó ti yí i títí, kò tú, torí ọ̀nà òdì ló ń yí i sí.” Mo ti rí àwòrán nínú ìyẹn: ọwọ́ kan, ẹsẹ̀ òsì, ọfà pupa kan. Mi ò ní kọ ohun tí àkọlé ti sọ.

1280 × 720 ni mò ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo máa ń sún un kéré títí kó fi tó èékánná àtàǹpàkò kí n tó fi ránṣẹ́. Bí mi ò bá mọ ohun tó wà níbẹ̀, mo tún un ṣe. Igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, mi ò ń fi nǹkan kan síbẹ̀, torí YouTube máa ń kọ gígùn fídíò lé e.

Ní ti owó, ẹ san lórí èrò, ẹ má san lórí iye àwòrán. Èrò 2 tó yàtọ̀ síra dáa ju àwòrán 5 tó jẹ́ pé àwọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan ló yí padà. YouTube fúnra rẹ̀ jẹ́ kí èèyàn fi àwòrán tó tó 3 dán fídíò kan wò, èyí tó bá mú kí àwọn èèyàn wo fídíò pẹ́ jù ló máa yàn. Bí 3 náà bá jọra, ìdánwò yẹn ò ní sọ nǹkan kan fún yín.

---

ẸniTóTiKàgbákò

Ṣé kí ó gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni?

---

AláwòránOjú

Èmi ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, torí pé bí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ fídíò náà, kí ni gígé dáadáa fẹ́ ṣe?

---

ÌyáOlóòtú

Mi ò gbà. Àsìkò ló ní òun ò ní. Àwòrán ojú fídíò gba wákàtí 1 tàbí 2 lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀, gígé ń gba 14. Ibi tó ti ń jò ni kó kọ́kọ́ dí.

---

OníKẹ̀kẹ́ *(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*

Mo ti padà dé. Mo rí mẹ́ta: ọ̀kan láti abẹ́ fídíò ìkànnì àwọn agbẹ́gilére kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń wò mí, ọ̀kan láti Upwork. Mo sanwó fún gbogbo wọn.

Ti Upwork dán jù lọ. Ọfà rẹ̀ ń fò, àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó fi ibi tí mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ síbẹ̀, ó tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sójú fídíò. Ẹni tó ń wò mí yọ àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ohùn ń já lójijì níbi tó ti gé e. Ẹni kẹta kò tíì gé nǹkan kan lọ́jọ́ kìíní. Ó kọ̀wé sí mi: “Ní 4:10 ẹ ní ọ̀nà kan náà ni méjèèjì gbà ń tú, ní 4:35 ẹ ní ó yàtọ̀. Èwo ni kí n fi sílẹ̀?” Òun ni mo gbà. Ó fi ọjọ́ kan pẹ́ ju àwọn tó kù lọ, iye tó ń gbà fún wákàtí sì ju tiwọn lọ díẹ̀. Wákàtí 12 ló sọ pé yóò gbà, nítorí pé mo ti ń pàtẹ́wọ́.

Ìṣòro kan wà. Nínú fídíò àkọ́kọ́ tó ṣe, ẹnu mi àti ohùn mi bára mu níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti tó ìṣẹ́jú 9, ohùn ti ń ṣáájú ẹnu. Ó ní fóònù mi ló fà á. Mo rò pé ó ń wá àwáwí ni.

---

ÌyáOlóòtú

Kò wá àwáwí o, má bínú sí i. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá dín kù tàbí bí fóònù bá gbóná, iye náà á yí díẹ̀. Ohùn ò ní yí ní tirẹ̀. Ohun èlò gígé mìíràn máa ka àwòrán náà bí ẹni pé iye rẹ̀ dúró, ìyàtọ̀ á sì máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú 9 lo tó rí i. Kó kọ́kọ́ fi ohun èlò kan tó ń jẹ́ HandBrake sọ fídíò fóònù náà di èyí tí iye àwòrán rẹ̀ dúró, ní `Constant Framerate`, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, ó lè ṣe é lóru nígbà tó bá ń sùn.

Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣe é, ìwọ ni àbí òun? Ẹ kọ ìyẹn sínú ìwé kí fídíò kejì tó dé.

---

OníKẹ̀kẹ́

Èmi ni màá ṣe é, ọ̀dọ̀ mi ni dísìkì wà. Ẹ ṣeun, mà. AláwòránOjú, mo ti ya àwòrán 10 náà. Àwọ̀ ẹsẹ̀ òsì jọ ti fírémù kẹ̀kẹ́ náà gan-an, mi ò mọ̀ bóyá ọfà pupa nìkan lè yà á sọ́tọ̀.

---

AláwòránOjú

Fi ránṣẹ́. Bí kò bá yà á, gbé páálí funfun sẹ́yìn ẹsẹ̀ náà, kí o tún ọ̀kan yà.